Bí A Ṣe Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Àgbà, Ọ̀gá àti Aṣáájú Ẹ̀sìn Tí Ọ̀rọ̀ Kò Fi Ní Wọ́

Kò sí ẹni tí kò mọ “ẹ ṣé” í sọ. Ohun tó ń ba ọpẹ́ jẹ́ ni ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e: orúkọ tí a pe àgbàlagbà náà, “o” tó yọ́ wọlé láàárín gbólóhùn, àdúrà tó jẹ́ pé àgbà ló yẹ kó ṣe é fún ọmọdé tí ọmọdé wá gbà á ṣe. Ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà sọ nǹkan kan. Á kàn ní, “Kò tọ́pẹ́,” á sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí a bá tún padà lọ bá a la máa ń mọ̀ pé ọpẹ́ tí a dá níjelòó kò wọlé.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa rí bí ìwé òfin, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkùnrin ẹni ọdún 48 kan wà ní Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 84, jáde láyé. Mùsùlùmí ni màmá náà, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an ni wọ́n sin wọ́n, wọ́n sì ṣe àdúrà fìdáù ní ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, èèyàn mẹ́ta wà tí ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni Mọ́gàjí agboolé wọn, tó fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n sin màmá sí, tó sì pẹ̀tù sí ìjà àwọn ẹbí. Èkejì ni ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, obìnrin ẹni ọdún 41, tó fún un ní ìsinmi tó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ wá síbi fìdáù. Ẹ̀kẹta ni Lèmọ́ọ̀mù tó kírun sí màmá lára.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibo ni ẹni náà ti jù ọ́ lọ?

Ọ̀nà tí èèyàn fi ń jẹ́ àgbà sí ẹlòmíràn láàárín wa ju ọ̀kan lọ. Ọjọ́ orí wà, ilé wà, ipò wà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lára ẹnì kan ṣoṣo, bíi ti Mọ́gàjí yẹn, kò sí ìṣòro. Ìgbà tí wọn ò bá bára mu ni èèyàn gbọ́dọ̀ ronú.

Ti ilé ló máa ń ya àwọn tó dàgbà sí ìlú ńlá lẹ́nu jù. Ìyàwó tó wọlé lónìí, gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí sínú ilé náà kó tó dé ni ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Bí ìyàwó ẹni ọdún 30 bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ tí kò ju ọdún 19 lọ nítorí pé ó gbé omi fún un, “O ṣé, Ṣẹ́gun” kò dára létí ìyá ọkọ. “Ẹ ṣé, ọkọ mi” ló yẹ. Bí ilé bá jẹ́ ti àwọn tó ṣì ń sọ orúkọ àpèlé, á ti fún ọmọkùnrin náà ní orúkọ tirẹ̀, bíi “Bọ̀dá Kékeré,” òun ni á sì máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ilé kan ti pa èyí tì. Ẹ wo ẹnu àwọn ìyàwó tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó pinnu.

Ti ọ́fíìsì yàtọ̀. Ọ̀gá tó kéré sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí pọ̀ lóde òní. Ohun tí àwọn tó mọ̀wà hù máa ń ṣe ni pé “ẹ” ni àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn. Òṣìṣẹ́ á ní, “Ẹ ṣé mà,” ọ̀gá náà á ní, “Ẹ ṣé, bàbá.” Òṣìṣẹ́ tó bá rò pé nítorí pé òun fi ọdún méje ju ọ̀gá lọ, òun lè sọ “o” sí i níwájú àwọn ẹlòmíràn, ó ti fi ipò náà tàbùkù. Ọ̀gá tó bá sì ń sọ “o” sí bàbá tó lè bí i, orúkọ tó ń gbà lẹ́yìn, òun nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sọ pé ẹni náà jù yín lọ tí ẹ̀gbẹ́ kejì sọ pé kò jù yín lọ, èyí tó sọ pé ó jù yín lọ ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tí “ẹ” pa lára. Àfi níbi kan ṣá: bí ẹ bá ń sọ “ẹ” sí ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, yẹ̀yẹ́ ni á kà á sí, tàbí kó bi yín pé kí ni òun ṣe.

Ẹni tó bá dàgbà sí apá ìlà-oòrùn, bíi Oǹdó, lè ti gbọ́ kí ọmọ máa fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Bí ẹ̀ka-èdè tiwọn ṣe rí nìyẹn, inú ohùn àti ìṣesí ni ọ̀wọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bọ́ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, “ẹ” ni gbogbo etí ń retí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú “ẹ,” kí ẹ má sì jẹ́ kó bọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣòro. Gbogbo èèyàn máa ń fi “ẹ” bẹ̀rẹ̀. Ó di gbólóhùn kẹta kí “rẹ” tó yọjú. Ẹ wo èyí:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣeun fún ìrànlọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ gidigidi, Ọlọ́run á bù kún ọ.”

Ẹni tó kọ ọ́ kò ní ìwọ̀sí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ka gbólóhùn kẹta yẹn á dá fóònù dúró díẹ̀, á tún un kà. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé “rẹ” di “yín,” kí “bù kún ọ” sì di “bù kún yín.” Kí ẹ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ wá gbogbo “o,” “ọ,” “rẹ” àti “ìwọ” inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé ta ni mo ń bá wí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti bá àwọn ọmọ yẹ irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, “lọ́wọ́ rẹ” ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀.

Mo rò pé mo mọ ibi tó ti ń wá. Ọlọ́run ni a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù láyé wa, Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, “o” la sì ń sọ sí i: “Olúwa, o ṣeun.” Orin ìyìn tí a mọ̀ láti kékeré, “o” àti “rẹ” ló kún inú rẹ̀. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú èyí. Nígbà tí wòlíì Nátánì dúró níwájú Dáfídì ọba, “Ìwọ ni ọkùnrin náà” ló sọ fún un. Kò burú nínú Bíbélì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń sọ pé “Bàbá, o ṣeun, o ṣeun” sí Ọlọ́run, tó wá yíjú sí pásítọ̀, gbọ́dọ̀ rántí pé bàbá kejì ló ń bá sọ̀rọ̀ wàyí. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ pe orúkọ oyè pásítọ̀ náà, kí ẹ sì fi “ẹ” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun. Bí ẹ ò bá dákẹ́, “o” ti Ọlọ́run á ṣàn wọ ti pásítọ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni náà fún ẹlòmíràn, tó sì jókòó síbẹ̀, ó tún nira ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi fìdáù, ọkùnrin wa dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Bó bá sọ pé, “Mọ́gàjí ló fún wa nílẹ̀, ó tún bá wa bá ẹbí sọ̀rọ̀,” ó ti sọ àgbàlagbà di ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo agboolé. “Mọ́gàjí ni wọ́n fún wa nílẹ̀, wọ́n tún bá wa bá ẹbí sọ̀rọ̀” ló yẹ kó sọ. “Ló” àti “ó” ni kí ẹ ṣọ́ níbí, nítorí pé wọ́n kéré, wọn kì í dún bí àṣìṣe létí ẹni tó ń sọ ọ́. Bákan náà, bí ẹ bá ń jíṣẹ́ ohun tí àgbà sọ, “àwọn” ló ń dípò “òun”: “Mọ́gàjí ní àwọn ti gbọ́.”

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ni kí n pè wọ́n?

Orúkọ gan-an ò sí níbẹ̀. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni yíyàn láàárín àwọn ohun tó lè rọ́pò orúkọ.

Fún àgbà ẹbí tàbí ti àdúgbò, “Bàbá” àti “Màmá” kì í ṣìnà. Bí ẹ bá mọ àkọ́bí wọn, “Bàbá Ṣadé” tàbí “Ìyá Kúnlé” dára fún ẹni tí ẹ̀yin àti rẹ̀ sún mọ́ra, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kéré ju Ṣadé fúnra rẹ̀ lọ, “Bàbá” lásán, tàbí “Bàbá Àǹtí Ṣadé,” ló dùn jù. Bí wọ́n bá ní oyè, oyè ni kí ẹ pè. Ẹni tó jẹ Mọ́gàjí, Balógun tàbí Ìyálóde kò ná ohun tó ná kí ọmọ ilé lè máa pè é ní “Bọ̀dá.” Ẹni tó bá ní oyè púpọ̀, tó jẹ́ Alàájì, tó jẹ́ Olóyè, tó tún jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ibi tí ẹ wà ni kó sọ èyí tí ẹ máa pè fún yín: ní mọ́ṣáláṣí, Alàájì, níbi àpèjẹ ìlú, oyè ìlú, ní yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Inú ìwé ìdúpẹ́ nìkan la ti ń tò ó pọ̀. Lẹ́nu, ọ̀kan tó.

Oríkì kúkúrú, bí Àkànní, Àlàó tàbí Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ohun tí àgbà fi ń pe ọmọdé. Ọmọ tó bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà pé “Àkànní, ẹ ṣé,” ti gba iṣẹ́ ìyá bàbá náà ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kì wọ́n, ẹ fi ti orílẹ̀ wọn kì wọ́n. Ìyẹn kò ní ọmọdé kò ní àgbà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń sọ ọ́. Inú oríkì nìkan sì ni “o” ti lè bọ́ sí àgbà lára tí kò ní bínú, nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ pé ewì nìyẹn.

Fún ọ̀gá níbi iṣẹ́, “sà” àti “mà” ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “o” àti “ẹ,” ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọmọdé àti àgbà, nítorí náà “sà” ni a fi ń san gbèsè náà. Òun ló fà á tí ọmọ Yorùbá tó ń kọ ìwé ìdúpẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń fi “sà” sí òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tí òyìnbó tó bá kà á lọ́hùn-ún ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù á sì rò pé ológun ló kọ ọ́. Bí ọ̀gá yín bá jẹ́ òyìnbó, ẹẹ̀kan ti tó. Bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ẹ sì ń fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, “ẹ” ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, “sà” kan níbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀kan lópin ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún “Ọ̀gbẹ́ni.” Nínú ìwé, ó dára: “Ọ̀gbẹ́ni” pẹ̀lú orúkọ ìdílé, fún ẹni tí ẹ ò mọ̀. Lẹ́nu, tí ẹ bá fi kojú ẹni tó jù yín lọ, ohùn ìjà ló ní. Ẹni tó bá sọ pé “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣé” fún ọ̀gá rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ fi kún un pé “ẹ yà fún mi lọ́nà.” “Ọ̀gá” ni kí ẹ sọ. “Ẹ̀gbọ́n” náà, kò tíì tó àsìkò àfi bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ pè yín ní àbúrò.

Ti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn, ìjọ kọ̀ọ̀kan ni tirẹ̀. “Dádì” àti “Mọ́mì” wọ́pọ̀ ní àwọn ìjọ tuntun. “Wòlíì” tàbí “Bàbá Àlàdúrà” ní ìjọ aláṣọ funfun. “Fadá” ní ìjọ Páàdì. Ní ìjọ Áńgílíkà, “Ẹni Ọ̀wọ̀” wà fún ìwé, “Bàbá” wà fún ẹnu. Láàárín Mùsùlùmí, “Ààfáà” kárí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ti jẹ́ Lèmọ́ọ̀mù, “Lèmọ́ọ̀mù” ni kí ẹ pè é, nítorí pé Ààfáà pọ̀, Lèmọ́ọ̀mù ibẹ̀ kò pé méjì. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, “Àbọrú àbọyè” ni ẹ fi ń kí i kí ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wọn, ẹ bi ẹnì kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń bínú sí àlejò tó béèrè ohun tó yẹ kó pe bàbá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ má fún wọn ní máàkì

“Ẹ ṣé gan-an” nìkan kò ní ìdí. Ẹ dárúkọ oore náà: ilẹ̀ tí wọ́n fún yín, ọ̀nà tí wọ́n rìn wá. “Ẹ kú” ló rọrùn jù fún èyí, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ni ín. “Ẹ kú ìnáwó” àti “ẹ kú àṣẹ́yìndè” jẹ́ ti àlejò sí olóòkú. Olóòkú tó bá yí i padà sọ fún àlejò ti ṣì í sọ. Tirẹ̀ ni “ẹ kú ìrìn,” “ẹ kú ìdúró tì wá,” “ẹ kú àdúrà.”

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé àgbà ló ń fi yin ọmọdé. “Ẹ gbìyànjú” jẹ́ ọ̀kan. Létí àgbà, ó dún bíi pé ẹ wọn iṣẹ́ wọn wò, ẹ sì rí i pé ó kù díẹ̀. “Mo gbóríyìn fún yín” náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ló ń gbóríyìn fún òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ dúpẹ́ ni, ó tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àdúrà tó bá ẹnu yín mu

Ọmọdé lè ṣàdúrà fún àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àdúrà. “Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó” kò yẹ fún ẹni tó ti dàgbà tán. Àdúrà tó yẹ ni èyí tó fi hàn pé ẹ ṣì nílò wọn: “Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa,” “Ẹ ó jẹun ọmọ,” “Ọlọ́run kò ní gbà yín lọ́wọ́ wa.” Ọ̀kan péré, kí ẹ sì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àgbà ti máa ń gba ọ̀rọ̀, tí á sì máa ṣàdúrà tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yín kù sí “Àmín” tàbí “Àṣẹ.” Ẹni tó bá ń bá a já ohùn, tó ń tò àdúrà lé àdúrà, ó ti gba ìjókòó rẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà níbi òkú. “A ó san án padà fún yín” dára nígbà ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ ronú ohun tó túmọ̀ sí. Ohun tí wọ́n sọ ni “Ayọ̀ la ó fi san án” tàbí “Ayọ̀ la ó máa bá yín yọ̀.” Mo ti rí i tí gbogbo yàrá pa lọ́lọ́ nítorí pé ẹnì kan gbàgbé “ayọ̀.”

Ọpẹ́ mẹ́ta ti ọkùnrin wa

Ilé Mọ́gàjí ló kọ́kọ́ lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì fìdáù, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Kò pè wọ́n lórí fóònù, nítorí pé ilé kò jìnnà. Ó dọ̀bálẹ̀, kò na ọwọ́ fún wọn láti bọ̀. Ohun tó sọ rèé:

“Ẹ káàárọ̀ sà, Mọ́gàjí. Ẹ ṣeun àná. Àwa ọmọ yín la wá dúpẹ́. Ẹ kú ìdúró tì wá. Láti ọjọ́ tí màmá ti lọ, ẹ ò jẹ́ kí ojú tì wá. Ẹ̀yin lẹ fún wa nílẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ tún pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn ẹbí fẹ́ máa pọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa sà. Ayọ̀ la ó máa bá yín yọ̀.”

Ẹ rí i pé kò sọ pé “ìjà.” “Ohùn fẹ́ máa pọ̀” ló pè é. Mọ́gàjí mọ ohun tó ń wí, àwọn tó jà náà mọ̀, bí ẹnì kan bá sì ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò rí ohun tó máa gbé lọ. Bó ṣe dúpẹ́ tán ló dákẹ́, Mọ́gàjí sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ti ọ̀gá jẹ́ ti Wáàsáàpù, nítorí pé ọjọ́ Àìkú ni, kò sì yẹ kó lọ kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀gá obìnrin láìsọ tẹ́lẹ̀:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ní kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó dé ọ́fíìsì lọ́la. Ẹ ṣeun fún ìsinmi tí ẹ fọwọ́ sí fún mi, ẹ sì tún ṣeun tí ẹ kó àwọn ará ọ́fíìsì wá síbi fìdáù màmá wa. Àwọn àgbà ilé wa rí yín, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ayọ̀ la ó máa bá yín yọ̀ mà.”

Ọdún méje ló fi ju obìnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọjọ́ orí ti yọjú nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Kò pè é ní “àbúrò mi,” kò sì ṣàdúrà pé kó dàgbà. Kò tún rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jù. Bó bá kọ “mo dọ̀bálẹ̀ mà,” ara obìnrin náà kò ní gbà á, nítorí pé ó mọ ẹni tó dàgbà jù. Ohun tó gbé e ga jù lọ níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà ilé rí i. Bó bá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, á tún sọ ọ́ lẹ́nu níwájú àwọn yòókù, ní ṣókí: “Ẹ ṣeun ọjọ́sí mà.”

Ti Lèmọ́ọ̀mù, ọkùnrin wa dúró títí wọ́n fi kírun Ásárì tán, ó wá lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ó lóṣòó, kò dúró lé wọn lórí. Ó kọ́kọ́ sálámà, ó wá ní:

“Lèmọ́ọ̀mù, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ kú àdúrà màmá wa. Ọjọ́ tí mo ránṣẹ́ sí yín, òjò ń rọ̀, ẹ sì wá. Jasákúmúláhù káírà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, sàárà rèé, ẹ má wo bó ṣe kéré.”

Àwọn nǹkan méjì kan wà níbẹ̀. “Jasákà” ni a ń sọ fún ọkùnrin kan ṣoṣo nínú èdè Lárúbáwá, “jasákúmú” ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sọ “jasákà” sí Lèmọ́ọ̀mù, bí a kì í ṣe é sọ “o ṣé” sí i. Ìkejì ni owó inú àpò ìwé. Sàárà ló pè é, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi gbé e. Bó bá sọ pé “owó iṣẹ́ yín rèé,” ó ti sọ àdúrà di ọjà. Bákan náà ni fún pásítọ̀: “ẹ fi ra omi” tàbí “ọrẹ rèé” ni, kì í ṣe “ẹ gba owó yín.”

Bí ó bá ti bọ́

Bí “o” bá bọ́ lẹ́nu yín níwájú àgbà, ẹ tún un sọ lójú ẹsẹ̀: “ohun tí o… ẹ má bínú sà, ohun tí ẹ ṣe.” Ẹ má tọrọ àforíjì títí tí gbogbo èèyàn á fi wá mọ̀. Bó bá jẹ́ inú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ti fi ránṣẹ́ ni, Wáàsáàpù fún yín ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un kọ. Bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ẹ pè wọ́n, ẹ dúpẹ́ lẹ́nu, kí ẹ má sì mẹ́nu kan àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ rárá.

Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá wọ́n bínú, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe dáhùn. Àgbà tó máa ń sọ pé “Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi,” bí ọkàn rẹ̀ bá wà nílé, á sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé “O ṣé” kúkúrú ló sọ, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé, “Ẹ ṣé o, ọ̀gá mi,” fún ẹ̀yin tó ti ń pè ní ọmọ láti ọdún pípẹ́ wá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti dá “ẹ” yín padà fún yín. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá ẹnì kan tó sún mọ́ wọn, bí àbúrò wọn tàbí ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, kí ẹ̀yin àti rẹ̀ jọ lọ ní òwúrọ̀, kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀yin tó sọ tiyín.